Bí a ó ṣe so àwọn àgbà òṣìṣẹ́ pọ̀ mọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tuntun ní ilé-iṣẹ́ wa

Akọ̀wé Òkè-Àdó · Ọjọ́ Ajé, 8:40 àárọ̀

Mo kí gbogbo ilé, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mo ń mójú tó ọ̀rọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ àwọn ẹnjinníà kan ní Ìbàdàn. Àwa 64 ni a wà níbẹ̀, iṣẹ́ wa sì ni yíya àwòrán ilé àti afárá àti bíbojú tó àwọn agbaṣẹ́ṣe títí iṣẹ́ yóò fi parí. Ní oṣù tí ń bọ̀, akẹ́kọ̀ọ́jáde 9 tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ètò àgùnbánirọ̀ yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dọ̀ wa.

Ní èṣí, 7 ni a gbà, 3 nínú wọn sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ kí oṣù mẹ́jọ tó pé. Mo jókòó ti ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn kí wọ́n tó lọ. Owó kọ́ ni wọ́n kọ́kọ́ mẹ́nu bà. Ohun tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sọ ni pé àwọn kò mọ ẹni tí àwọn lè bi ní ìbéèrè kí ẹni náà má fi ojú òpè wo àwọn. Ọ̀kan nínú wọn lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko lórí ìṣirò òpó kan, bẹ́ẹ̀ ẹni tí ó jókòó sí tábìlì kejì ìbá ti fi ìṣẹ́jú mẹ́wàá là á yé e.

Ọ̀gá àgbà wa ti gbà pé kí a fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní olùtọ́sọ́nà láti inú àwọn àgbà òṣìṣẹ́. Èrò tirẹ̀ ni pé kí ọ̀gá ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan jẹ́ olùtọ́sọ́nà àwọn ọmọ tí ó bá wà ní ẹ̀ka rẹ̀, kí ó sì kọ ìròyìn nípa wọn ní oṣù kẹfà, nígbà tí a bá fẹ́ pinnu ẹni tí a ó fún ní ìwé ìfìdímúlẹ̀. Àgbà òṣìṣẹ́ 6 ni wọ́n ti yọ̀ǹda ara wọn. Mo fẹ́ mọ ẹni tí ó yẹ kí a so mọ́ ẹni, iye ìgbà tí ó yẹ kí wọ́n máa pàdé, àti bóyá ìròyìn oṣù kẹfà yẹn bójú mu, nítorí ọkàn mi kò balẹ̀ sí i, n kò sì mọ bí mo ṣe máa ṣàlàyé ìdí rẹ̀ fún ọ̀gá.

Bàbá Ẹnjinníà · Ọjọ́ Ajé, 10:05 àárọ̀

Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀gá ẹ̀ka jẹ́ olùtọ́sọ́nà ọmọ tí ó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ kò bá tilẹ̀ gba ohun mìíràn nínú ọ̀rọ̀ mi, ẹ gba èyí. Ẹni tí ó ń pín iṣẹ́ fún ọmọ, tí ó sì ń sọ bóyá iṣẹ́ náà dára tàbí kò dára, kì í ṣe ẹni tí ọmọ náà lè bá sọ pé, "Sà, iṣẹ́ yìí kò yé mi." Bí ó bá tilẹ̀ sọ ọ́, yóò ti dín in kù kí ó tó ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi rí. Ní ilé-iṣẹ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ ní Èkó, ọmọ kan tí kò tíì pé oṣù mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ kọ irin mìlímítà 12 sí àwòrán àtẹ́rígbà kan tí ìṣirò ti sọ pé mìlímítà 16 ni. Àwòrán náà ti dé ọ̀dọ̀ agbaṣẹ́ṣe kí ọmọ náà tó rí àṣìṣe ara rẹ̀. Ọ̀gá rẹ̀ ni wọ́n tún fi ṣe olùtọ́sọ́nà rẹ̀, ọmọ náà kò sì lè sọ ọ́ fún un, nítorí oṣù tí ó tẹ̀ lé e ni wọ́n máa gbé orúkọ rẹ̀ yẹ̀ wò fún ìfìdímúlẹ̀. Èmi kò ní nǹkan kan ṣe pẹ̀lú ẹ̀ka wọn. A kàn jọ ń jẹun ọ̀sán ni, ó sì bi mí pé kí ni ènìyàn máa ń ṣe bí ó bá rí irú nǹkan báyìí. Mo mú un lọ bá ọ̀gá rẹ̀ lẹ́sẹ̀ kan náà, a sì dá kọnkéré dúró nígbà tí ó ku ọjọ́ kan péré kí wọ́n dà á. Ọ̀gá náà kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ipò méjì tí wọ́n fi sí ọwọ́ rẹ̀ ni kò bára wọn mu.

Ọmọ Ìjẹ̀bú · Ọjọ́ Ajé, 11:30 àárọ̀

Kí ni ó le nínú ọ̀rọ̀ yìí? Ẹ lo ìlànà tí ó ti wà nílẹ̀. Ẹ lọ bá àjọ ITF, kí wọ́n fún yín ní ìwé àkọsílẹ̀ SIWES, kí ọmọ kọ̀ọ̀kan máa kọ ohun tí ó ṣe lójoojúmọ́ sínú rẹ̀, kí ọ̀gá rẹ̀ sì máa buwọ́ lù ú ní ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Bí a ṣe ṣe tiwa nìyẹn, ó sì ràn mí lọ́wọ́ púpọ̀.

Olùkọ́ Poli · Ọjọ́ Ajé, 12:10 ọ̀sán

Ọmọ Ìjẹ̀bú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tún ọ̀rọ̀ Akọ̀wé kà. SIWES wà fún àwọn tí wọ́n ṣì wà ní ilé-ẹ̀kọ́, tí ilé-ẹ̀kọ́ wọn rán lọ síbi iṣẹ́ fún oṣù díẹ̀ kí wọ́n tó padà wá kàwé. Àwọn tí Akọ̀wé ń sọ ti jáde, wọ́n ti sin ìlú, òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù ni wọ́n. Mo ti buwọ́ lu ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìwé bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Ohun tí ó máa ń wà nínú rẹ̀ ni iṣẹ́ tí ọmọ ṣe, kì í ṣe ohun tí kò yé e. Síbẹ̀, kíkọ nǹkan sílẹ̀ tí ẹ mẹ́nu bà dára, bí ó bá jẹ́ pé ọmọ náà nìkan ni ó ni ìwé náà, tí ẹnikẹ́ni kò sì ní gbà á yẹ̀ wò.

Oníṣirò Dùgbẹ̀ · Ọjọ́ Ajé, 2:25 ọ̀sán

Ní tèmi, kò yẹ kí ẹ so ẹnikẹ́ni pọ̀ rárá. Ẹ kó àgbà mẹ́fà náà àti ọmọ mẹ́sàn-án náà jọ sí yàrá kan, ẹ fún wọn ní oúnjẹ, kí oníkálukú mú ẹni tí ọkàn rẹ̀ bá fà sí. Èmi náà ní ẹni tí ó tọ́ mi sọ́nà ní iṣẹ́ ìṣirò owó, kò sí ẹni tí ó yàn án fún mi. Èmi ni mo ń tẹ̀ lé e kiri títí ó fi gbà mí. Bí ẹ bá fi ìwé so ènìyàn pọ̀, ìwé náà ni wọn yóò máa ṣe, wọn kò ní ran ara wọn lọ́wọ́.

Àbúrò Kékeré · Ọjọ́ Ajé, 7:50 alẹ́

Mo kí ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Èmi ni mo kéré jù níbí, mo sì wà lára àwọn tí wọ́n so pọ̀ mọ́ àgbà ní ilé-iṣẹ́ kan ní ọdún méjì sẹ́yìn, nítorí náà n óò sọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí mi.

Ẹgbọ́n Oníṣirò, ohun tí ẹ sọ yẹn bá ẹni tí ó ní ìgboyà mu. Irú ìpàdé oúnjẹ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe fún wa. Àwọn tí wọ́n jáde ní yunifásítì kan náà pẹ̀lú àwọn àgbà náà ti mọ orin ilé-ẹ̀kọ́ tí wọn yóò jọ máa kọ, wọ́n sì ti mú ara wọn kí n tó ṣetán láti kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Àgbà tí kò sí ẹni tí ó mú un ni wọ́n fi fún mi. Òun náà mọ̀ pé àṣẹ́kù ni òun.

Lẹ́yìn náà, ìpàdé wa di iṣẹ́ jíjẹ́. Ó máa ń rán mi lọ ra oúnjẹ, ó máa ń ní kí n bá òun tẹ ìwé ọmọ rẹ̀, ó sì ní kí n lọ gba ọkọ̀ òun lọ́dọ̀ mẹkáníìkì ní ọjọ́ Sátidé. N kò lè sọ pé rárá, nítorí àgbà ni, ilé tí a sì ti kọ́ mi kò gbà bẹ́ẹ̀. N kò rò pé ó fẹ́ ṣe mí níbi. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un ohun tí ó yẹ kí a máa ṣe nígbà tí a bá pàdé, ó sì ṣe ohun tí àgbà máa ń ṣe bí ọmọdé bá wà nítòsí. Bí ó bá jẹ́ pé ẹnì kan ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí a tó bẹ̀rẹ̀ pé iṣẹ́ ara ẹni kò sí nínú rẹ̀, ìwé náà ìbá ti gbẹnu sọ fún mi.

Àǹtí Ẹ̀ka Òṣìṣẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 àárọ̀

Mo ti dá irú ètò yìí sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ọ̀kan fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ohun tí Àbúrò Kékeré sọ wà lára ohun tí ó fọ́ ọ. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ Akọ̀wé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lákọ̀ọ́kọ́, àrùn tí ẹ ṣàpèjúwe àti oògùn tí ẹ fẹ́ lò kò bára wọn mu pátápátá. Ọmọ tí ó lo ọjọ́ mẹ́rin lórí òpó kò nílò olùtọ́sọ́nà tí yóò rí ní ọ̀sẹ̀ méjì sí i. Ẹni tí ó wà nítòsí ní agogo mẹ́wàá òwúrọ̀ ọjọ́ náà ni ó nílò, ẹni tí kò ju òun lọ púpọ̀, tí òun náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ ní ọmọ 4 tí wọ́n kù nínú àwọn ti èṣí. Àwọn ni kí ẹ fi ṣe alábàárìn fún àwọn tuntun. Mẹ́ta nínú wọn yóò mú ọmọ méjì méjì, ẹnì kan yóò mú mẹ́ta. Oṣù mẹ́ta péré ni iṣẹ́ wọn. Wọn yóò fi ibi tí fáìlì wà hàn wọ́n, ẹni tí ó ń buwọ́ lu nǹkan, bí a ṣe ń sọ orúkọ àwòrán, àti irú ìbéèrè tí ọ̀gá fẹ́ràn kí a kọ́kọ́ wá ìdáhùn rẹ̀ fúnra ẹni. Ọ̀gá ẹ̀ka ni yóò máa kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ gan-an. Ohun tí ó wá kù fún olùtọ́sọ́nà ni èyí tí kò sí ẹlòmíràn tí ó lè ṣe é: bí ènìyàn ṣe ń sọ fún ọ̀gá pé òun ṣe àṣìṣe, bóyá kí òun lọ sí ojú iṣẹ́ fún ọdún kan tàbí kí òun dúró sí ìdí àwòrán, bí a ṣe ń gba ìbáwí láìsí pé ọkàn ẹni rẹ̀wẹ̀sì.

Nípa síso pọ̀, Oníṣirò ti rí ìdajì òtítọ́, nítorí ẹni tí kò ní ẹnu nínú ọ̀rọ̀ náà kì í fi ọkàn sí i. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé n kì í so ẹnikẹ́ni pọ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Mo máa ń jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kọjá. Nínú ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn, àgbà kọ̀ọ̀kan yóò bá gbogbo àwọn ọmọ náà sọ̀rọ̀ fún ìdajì wákàtí nípa iṣẹ́ kan tí ó ṣe tí kò lọ bí ó ti rò. Lẹ́yìn náà, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò kọ orúkọ àgbà mẹ́ta fún èmi nìkan, láìfi ọ̀kan ṣáájú èkejì, àgbà náà yóò sì sọ fún mi bí ẹnì kan bá wà tí kò yẹ kí òun gbà, bóyá nítorí ẹbí tàbí ọ̀rọ̀ ilé. Èmi ni n óò wá so wọ́n pọ̀. Báyìí, kò sí ẹni tí ó mọ̀ pé wọn kò mú òun.

Àgbà kan kò gbọdọ̀ ní ju ọmọ méjì lọ. Pẹ̀lú àgbà 6 àti ọmọ 9, àgbà 3 yóò ní méjì méjì, 3 yòókù yóò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Àwọn tí wọn kò ní ọ̀gá ẹ̀ka lórí wọn tí ó ń yọ wọ́n lẹ́nu nítorí iṣẹ́ tí kò tíì parí ni kí ẹ fún ní méjì. Ẹ má sì ka ẹni tí ó ga jù sí ẹni tí ó dára jù. Ẹni tí ó ti lo ọdún méje sí mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ ṣì rántí bí ó ti rí, ó sì máa ń wà ní ọ́fíìsì. Bí ó bá tilẹ̀ wá láti ẹ̀ka mìíràn, n kò ka ìyẹn sí.

Kí wọ́n máa pàdé ní ọ̀sẹ̀ méjì méjì fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lẹ́ẹ̀kan lóṣù títí ọdún yóò fi pé. Ìyẹn jẹ́ ìjókòó 6 àti 9, àpapọ̀ 15. Bí ìjókòó kọ̀ọ̀kan bá gba ìṣẹ́jú 45, tí a fi ìṣẹ́jú 15 kún un fún ìmúrasílẹ̀, wákàtí 15 ni fún ọmọ kan ní ọdún, wákàtí 135 fún gbogbo wọn. Ẹ mú iye yìí lọ bá ọ̀gá àgbà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ó sì gbà pé kí àwọn àgbà máa kọ ọ́ sínú ìwé wákàtí iṣẹ́ wọn lábẹ́ orúkọ ètò náà. Ètò tí ó fọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ohun tí ó kọ́kọ́ pa á nìyẹn. Àwọn ẹnjinníà tí wákàtí wọn jẹ́ owó tí a ń gbà lọ́wọ́ oníbàárà kì í rí àyè fún wákàtí tí kò ní orúkọ, wọn kò sì jẹ̀bi. Ní ti ìròyìn oṣù kẹfà, ẹ yọ ọ́ kúrò.

Ẹ̀gbọ́n Báǹkì · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:15 àárọ̀

Mo bọ̀wọ̀ fún Àǹtí, ṣùgbọ́n n kò fara mọ́ pé kí a yọ ìròyìn kúrò. Ilé-iṣẹ́ ni ó ń sanwó wákàtí 135 yẹn. Bí olùtọ́sọ́nà bá ti jókòó pẹ̀lú ọmọ ní ìgbà mẹ́sàn-án kí oṣù mẹ́fà tó pé, òun ni ó mọ ọmọ náà jù lọ. Ó yẹ kí a bi í léèrè kí a tó fún ọmọ ní ìwé ìfìdímúlẹ̀. Ní báǹkì tí mo ti ṣiṣẹ́, a máa ń bi í, kò sì dá wàhálà sílẹ̀.

Bàbá Ẹnjinníà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 10:40 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n Báǹkì, ẹ bi àwọn ọmọ náà bóyá kò dá wàhálà sílẹ̀, kì í ṣe àwọn ọ̀gá. Bí wọ́n bá ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà yóò dé ibi ìdájọ́, ohun tí ó dára nìkan ni wọn yóò máa sọ, ẹ ó sì máa san wákàtí 135 fún ìyìn.

Ṣùgbọ́n èmi àti Àǹtí kò wí ohun kan náà lórí ẹ̀ka. Mo gbà pé kí ó má jẹ́ ọ̀gá tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó jẹ́ ẹni tí ó mọ irú iṣẹ́ náà. Ọmọ tí ó ń ya àwòrán ilé nílò ẹnjinníà ilé, kì í ṣe ti iná. Nígbà tí ó bá tó àkókò láti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ COREN, àwọn ẹnjinníà tí wọ́n ti forúkọ sílẹ̀ ni yóò jẹ́rìí sí ìrírí rẹ̀, ẹni tí ó bá tọ́ ọ sọ́nà ní ojúlówó ni ó sì yẹ kí ó lè jẹ́rìí náà.

Àǹtí Ẹ̀ka Òṣìṣẹ́ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 1:20 ọ̀sán

Bàbá, mo kúnlẹ̀, ẹ ṣé. Ẹ̀rí ìrírí yẹn, ọ̀gá tí ó rí iṣẹ́ ọmọ náà lójoojúmọ́ ni ó lè jẹ́ ẹ pẹ̀lú ẹ̀rí ọkàn tí ó mọ́. Olùtọ́sọ́nà mọ ọmọ náà, kò dandan kí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi ka ẹ̀ka sí púpọ̀. Ṣùgbọ́n mo gbà pé ní ilé-iṣẹ́ kékeré, níbi tí ọ̀gá kì í ti í ráàyè kọ́ni, olùtọ́sọ́nà ẹ̀ka mìíràn yóò kàn máa sọ pé, "Lọ bi ọ̀gá rẹ." Bóyá ní àyíká bẹ́ẹ̀, tiyín ni ó sàn jù.

Ẹ̀gbọ́n Báǹkì, ọ̀nà kan wà tí ilé-iṣẹ́ fi lè mọ̀ pé owó rẹ̀ kò ṣòfò. Olùtọ́sọ́nà yóò máa ròyìn pé ìjókòó wáyé ní ọjọ́ báyìí, kò sì ní sọ ohun tí a sọ níbẹ̀. Ohun tí a kò lè fi pamọ́ ni ewu sí ẹ̀mí, irú èyí tí Bàbá sọ nípa irin, olè jíjà, àti bí ẹnikẹ́ni bá ń fi ipò fìtínà ọmọ. Ẹ kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ sí ojú ìwé kan, kí àwọn méjèèjì buwọ́ lù ú kí wọ́n tó jókòó fún ìgbà àkọ́kọ́. Ojú ìwé kan náà ni ẹ ó kọ ọ́ sí pé kò sí iṣẹ́ ara ẹni, pé ọmọ náà ni yóò fi ìlà méjì tàbí mẹ́ta ránṣẹ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú nípa ohun tí ó fẹ́ kí a jíròrò, àti pé ní ọ̀sẹ̀ kẹfà, ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì lè wá sọ fún yín pé òun fẹ́ pààrọ̀, láìní sọ ìdí.

Ẹ fún àwọn àgbà ní ìdajì ọjọ́ ìmúrasílẹ̀. Ohun kan ni mo máa ń kọ́ wọn níbẹ̀ ju gbogbo rẹ̀ lọ, òun ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ sọ àṣìṣe tiwọn. Láàárín wa, ọmọdé kò ní kọ́kọ́ la ẹnu níwájú àgbà kí ó sọ pé òun kùnà. Bí àgbà bá fi tirẹ̀ ṣáájú, tí ó sọ ọdún, tí ó sọ iye tí ó ná ilé-iṣẹ́, ọmọ náà yóò sọ tirẹ̀ ní ìjókòó kejì tàbí ìkẹta.

Ẹ óò sì mọ̀ bí ìsopọ̀ kan bá ń kú. Wọn yóò sún ìjókòó síwájú lẹ́ẹ̀mejì ní ìtẹ̀léra. Ìlà méjì tí ọmọ ń fi ránṣẹ́ yóò di "kò sí ìṣòro, sà." Bí mo bá ti rí "kò sí ìṣòro" lẹ́ẹ̀mẹta, mo máa ń pe ọmọ náà fúnra mi, nítorí kò sí ẹni tí ó wà ní oṣù kẹta iṣẹ́ tí kò ní ìṣòro kankan.

Ìyá Ẹnjinníà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:05 alẹ́

Mélòó nínú àwọn mẹ́sàn-án náà ni obìnrin? Ẹ má jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà sá pamọ́. Èmi nìkan ni obìnrin tí ó wà ní ipò àgbà ní ibi tí mo ti ṣiṣẹ́ tẹ́lẹ̀, gbogbo ọmọbìnrin tí ó bá wọlé ni wọ́n ń tì sí ọ̀dọ̀ mi. Ní ọdún kan, mo ní márùn-ún. Àwọn ọkùnrin ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ẹ jẹ́ kí òfin ọmọ méjì yẹn kan àgbà obìnrin pẹ̀lú.

Fún àwọn tí ẹ bá so pọ̀ mọ́ ọkùnrin, kí ìjókòó máa wáyé ní ọ́fíìsì, láàárín aago iṣẹ́, ní yàrá tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí tàbí tí ó ní gíláàsì, kí ó má ṣe jẹ́ inú ọkọ̀ tàbí ilé oúnjẹ alẹ́. Ẹ sọ ọ́ di òfin fún gbogbo ènìyàn, títí kan ọkùnrin pẹ̀lú ọkùnrin, kí ó má baà dà bí ẹni pé à ń fi ẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni.

Oníṣirò Dùgbẹ̀ · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:30 alẹ́

Mo ti ka ọ̀rọ̀ Àbúrò Kékeré lẹ́ẹ̀mejì. Ó yé mi pé ẹni tí ó rí olùtọ́sọ́nà fúnra rẹ̀ ni ó máa ń sọ pé kí oníkálukú lọ wá tirẹ̀. Àwọn tí wọn kò rí kì í sí níbẹ̀ láti sọ tiwọn. Mo gba ti orúkọ mẹ́ta yẹn. Ṣùgbọ́n nípa obìnrin, èmi yóò fi gbogbo wọn sọ́dọ̀ obìnrin bí mo bá jẹ́ Akọ̀wé. Ọkàn gbogbo ènìyàn ni yóò balẹ̀.

Ìyá Ẹnjinníà · Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:48 alẹ́

Ọkàn ta ni yóò balẹ̀, ẹ̀gbọ́n? Àwọn ọkùnrin mẹ́rin tí wọ́n ń pín iṣẹ́ ńlá ní ilé-iṣẹ́ yẹn kò mọ orúkọ ọ̀kankan nínú àwọn ọmọbìnrin tí mo tọ́. Nígbà tí afárá dé, àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n mú lọ.

Akọ̀wé Òkè-Àdó · Ọjọ́ Rú, 7:35 àárọ̀

Mo dúpẹ́ gidigidi. Obìnrin 3 ni ó wà nínú àwọn 9, àgbà obìnrin 1 ni ó sì wà nínú àwọn 6. Àwọn ọmọ 4 jẹ́ ti ilé àti afárá, 2 ti iná, 2 ti ẹ̀rọ, 1 sì ń ṣírò iye owó iṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn ti afárá yóò wà ní ojú iṣẹ́ ní Òṣogbo láti ọ̀sẹ̀ kejì, kò sì ní sí àgbà kankan níbẹ̀ àyàfi ọ̀gá rẹ̀. Ẹni tí ó ń ṣírò owó náà, ọ̀gá rẹ̀ nìkan ni ó mọ iṣẹ́ náà ní gbogbo ilé-iṣẹ́ wa. Kí ni kí n ṣe fún àwọn méjì yìí?

Àǹtí Ẹ̀ka Òṣìṣẹ́ · Ọjọ́ Rú, 12:00 ọ̀sán

Ẹni tí ó ń ṣírò owó, ẹ so ó pọ̀ mọ́ àgbà tí ó ti bójú tó iṣẹ́ títí dé òpin, nítorí àwọn méjèèjì ni yóò jọ máa jiyàn lórí owó agbaṣẹ́ṣe ní ọjọ́ iwájú. Ti Òṣogbo ni ó le. Ìpè fóònù dára lẹ́yìn tí wọ́n bá ti rí ara wọn, kì í ṣe ṣáájú. Ẹ jẹ́ kí ó dúró ní Ìbàdàn títí ọ̀sẹ̀ kẹta yóò fi parí bí ọ̀gá bá gbà, kí àgbà rẹ̀ sì bá ọkọ̀ ilé-iṣẹ́ lọ síbẹ̀ ní ìgbà tí wọ́n bá ń lọ yẹ iṣẹ́ wò. Bí ọmọ náà bá ń pè láti ojú iṣẹ́, kí ó jáde kúrò ní yàrá tí ọ̀gá rẹ̀ wà. Ó dà bí ohun kékeré, ṣùgbọ́n mo ti rí ẹni tí ó fi oṣù mẹ́rin sọ pé "kò sí ìṣòro" nítorí pé ọ̀gá rẹ̀ jókòó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Akọ̀wé Òkè-Àdó · ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá lẹ́yìn náà, Ọjọ́bọ̀, 5:10 ìrọ̀lẹ́

Mo ṣèlérí nínú ọkàn mi pé n óò padà wá. Ọ̀gá àgbà gba wákàtí 135 náà lẹ́yìn tí mo fi iye tí a ná láti gba àwọn mẹ́ta tí wọ́n lọ, àti láti kọ́ wọn níṣẹ́, sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó gbà pé kí ọ̀gá ẹ̀ka má ṣe jẹ́ olùtọ́sọ́nà ọmọ tirẹ̀. Kò tíì fi ìròyìn oṣù kẹfà sílẹ̀. Ìtàn irin tí Bàbá sọ ni mo kà fún un, ó sì ní òun yóò rò ó.

Àwọn alábàárìn ni ó ṣiṣẹ́ jù lọ títí di ìsinsìnyí. Ẹni tí ó mú ọmọ mẹ́ta bẹ mí ní ọ̀sẹ̀ kẹrin pé iṣẹ́ òun ń fà sẹ́yìn, mo sì gba ọmọ kan kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹlòmíràn. Mo fi ọmọbìnrin kan sọ́dọ̀ àgbà obìnrin náà, mo sì fi méjì yòókù sọ́dọ̀ ọkùnrin. Àgbà obìnrin náà ní ọmọkùnrin kan pẹ̀lú.

A so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kẹta. Nígbà tí ìsopọ̀ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, ẹni méjì ló wá sọ́dọ̀ mi. Àkọ́kọ́ jẹ́ ọmọ kan ní ẹ̀ka iná tí ó fẹ́ pààrọ̀. Mo pààrọ̀ rẹ̀, n kò bi í ní ìdí. Èkejì jẹ́ àgbà kan tí ó ní òun kò mọ ohun tí òun yóò máa sọ mọ́. Mo bi í bóyá ó ti sọ àṣìṣe tirẹ̀ fún ọmọ náà. Ó ní rárá, ó ti ń sọ ohun tí ó ṣe dáadáa ni. Wọ́n ní ìjókòó ní ọjọ́ Ajé tí ń bọ̀, mo sì ti bẹ̀ ẹ́ pé kí ó sọ ti afárá tí òun ní láti tún ṣírò lóru ọjọ́ kan nígbà tí ó wà ní ọdún kejì rẹ̀ lẹ́nu iṣẹ́.

Ọmọ Òṣogbo kò tíì ní ìjókòó ju méjì lọ. Ó fi "kò sí ìṣòro" ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kejì ní àná. Mo ń bá ọkọ̀ lọ síbẹ̀ ní ọ̀la.